Àlòkù sọ́lífẹ́ǹtì ní láàbù akẹ́kọ̀ọ́: bí ìlànà ìkójọ àti ìpalẹ̀mọ́ ṣe dé ẹ̀dà kẹta

Ohun tó wà nílẹ̀

Láàbù kẹ́mísírì akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ni, ní fásitì kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Akẹ́kọ̀ọ́ 60 ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní méjì-méjì, ọ̀wọ́ 30. Sọ́lífẹ́ǹtì, ìyẹn omi kẹ́míkà tí a fi ń yọ́ nǹkan tàbí tí a fi ń fa nǹkan jáde lára òmíràn, tí wọ́n ń lò níbẹ̀ kò ju mẹ́fà lọ: dáíkílórómẹ́táànì (CH2Cl2), kílórófọ́ọ̀mù (CHCl3), asẹtóònù, hẹ́kísénì, ẹ́táílì ásítétì àti ẹtanọ́ọ̀lù. Àlòkù gbogbo wọn ń gba ọ̀nà méjì péré jáde: kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan tó ti gbé epo pupa rí, àti síńkì.

Síńkì ni a kọ́kọ́ fòfin dè. Omi rẹ̀ kì í lọ síbi tí wọ́n ti ń tún omi ṣe, inú sọkawée ló ń lọ, kànga àti bohóòlù sì wà nítòsí. Lítà kan dáíkílórómẹ́táànì wúwo tó kílógíráàmù 1.33, nítorí náà ṣe ló máa ń rì sábẹ́ omi. Díẹ̀ á jókòó sínú páìpù tó tẹ̀ lábẹ́ síńkì, yóò máa rùn sókè. Èyí tó bá ré kọjá á máa rì lọ nínú ilẹ̀ títí yóò fi kan omi abẹ́ ilẹ̀. Hẹ́kísénì ní tirẹ̀ ń léfòó. Èéfín rẹ̀ tí ojú kò rí máa ń rìn nínú páìpù, ó sì lè yọ ní síńkì yàrá kejì níbi tí ẹnìkan ti ń ṣáná sí búnsẹ̀n láìmọ nǹkan kan.

Kẹ́ẹ̀gì náà ò dára jù ú lọ. Nǹkan tó burú jù nípa rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Tí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ bá jẹ́ dáíkílórómẹ́táànì, gbogbo rẹ̀ ti di ẹrù oníkílórínì nìyẹn. Bí wọ́n bá fi iná sun kílórínì, ásíìdì hàídírókílórìkì ló ń bá èéfín jáde, iléeṣẹ́ tó bá sì ń sun irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín. Owó rẹ̀ yàtọ̀ gan-an sí ti ẹrù tí kò ní kílórínì. Ìyẹn ni pé àdàlù díẹ̀ ló ń sọ lítà 25 di ẹrù olówó gọbọi.

Ẹ̀dà kìíní: ìgò mẹ́ta

Àpò owó láàbù kò gba àgbá irin. Ìgò aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ti lítà 2.5, èyí tí sọ́lífẹ́ǹtì tuntun fúnra rẹ̀ ń bá wá, ni a lò. Wọ́n pọ̀ ní sítọ̀, ọmọrí wọn ní awẹ́ funfun inú tí sọ́lífẹ́ǹtì kò lè jẹ, páálí oníhò mẹ́rin tí wọ́n bá wá sì tún wúlò nígbà tí wọ́n bá ń kó wọn lọ. Ohun kan péré ni a kọ̀: ìgò tó bá ti gbé ásíìdì náítíríìkì rí, ìbáà jẹ́ pé a ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ásíìdì náítíríìkì díẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ yóò máa bá ẹtanọ́ọ̀lù tàbí asẹtóònù jà díẹ̀díẹ̀, á máa tú gáàsì jáde, ìgò tí a sì ti dé pa lè bú ní òru, lẹ́yìn wákàtí púpọ̀ tí gbogbo èèyàn ti lọ. Ìgò ásíìdì kankan kò gbọdọ̀ bọ́ sí ìdí iṣẹ́ yìí.

Ìgò kìíní wà fún ohun tí kò ní kílórínì: asẹtóònù, hẹ́kísénì, ẹ́táílì ásítétì, ẹtanọ́ọ̀lù. Ìkejì wà fún ohun tó ní kílórínì. Ìkẹta wà fún omi lásán tó ti bá sọ́lífẹ́ǹtì oníkílórínì pàdé. Ìgò kẹta yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbójú fò, nítorí pé omi ni wọ́n ń rí.

Ìwọ̀n tí ìgò lè gbà dé ni lítà méjì, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìlà dúdú tí a fi péńtì fà yí ìgò ká ló ń fi í hàn. Bí a bá kún ìgò náà fọ́fọ́ ní òwúrọ̀ tí yàrá wà ní 26 °C, tí ó sì di 38 °C ní ọ̀sán, dáíkílórómẹ́táànì inú rẹ̀ yóò fẹ̀ sí i ní nǹkan bíi mílílítà 42. Omi kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, nítorí náà mílílítà 42 yẹn kò níbi tí yóò gbà, ìgò ni yóò là. Yàtọ̀ sí ìyẹn, 40 °C ni dáíkílórómẹ́táànì ti ń hó. Sítọ̀ abẹ́ páànù tí kò ní sílíǹgì lè dé ibẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún, èyí ló fà á tí a fi kó ìgò kejì kúrò ní sítọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wá sí kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ nínú láàbù fúnra rẹ̀, ní ìhà tí oòrùn kì í gún.

Ìgò kọ̀ọ̀kan jókòó sínú ọpọ́n onírọ́bà tirẹ̀ tó lè gba lítà mẹ́ta. Ike tí nọ́ńbà 2 wà nínú àmì onígun mẹ́ta nísàlẹ̀ rẹ̀ dára fún ọpọ́n. Èyí tó ní nọ́ńbà 6 kò dára rárá, dáíkílórómẹ́táànì àti asẹtóònù máa ń yọ́ ọ bí iná ṣe ń yọ́ ọ̀rá. Àrọ náà ńkọ́? Àrọ gíláàsì ni, a sì máa ń yọ ọ́ kúrò lẹ́nu ìgò tí a bá ti dà á tán. Àrọ tí a fi sílẹ̀ lẹ́nu ìgò dọ́gba pẹ̀lú ìgò tí a kò dé.

Ọ̀rọ̀ lébẹ́ẹ̀lì gba àkókò ju bí a ṣe rò lọ. Bébà tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ bọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí pé asẹtóònù tó ń kán sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò yọ́ gọ́ọ̀mù. Yíǹkì máákà náà pa rẹ́. Ohun tó dúró ni káàdì páálí tí a fi okùn so mọ́ ọrùn ìgò, tí a fi pẹ́ńsù kọ. Pẹ́ńsù kì í yọ́ nínú sọ́lífẹ́ǹtì kankan. Orúkọ kẹ́míkà ni a ń kọ sí i ní kíkún, ọjọ́ tí a ṣí ìgò, lẹ́yìn náà ìlà kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a bá dà nǹkan sí i: ohun tí a dà, mélòó, ta ló dà á. Àwọn ìlà yẹn ló máa di ìwé ẹ̀rí nígbà tí ẹrù bá ń jáde.

Kíláàsì ewé tíì

Iṣẹ́ tí a fi dán ìlànà náà wò ni fífa káféènì jáde lára ewé tíì, nítorí òun ló ń jẹ dáíkílórómẹ́táànì jù. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ń sè gíráàmù 10 ewé tíì nínú mílílítà 100 omi pẹ̀lú gíráàmù 5 sódíọ̀mù kábónétì. Nígbà tó bá ti tutù, wọ́n á fi dáíkílórómẹ́táànì fa káféènì jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mílílítà 20 nígbà kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ mílílítà 60 fún ọ̀wọ́ kan, 1,800 fún gbogbo kíláàsì.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe kì í ṣe ìkójọ rárá, ìdápadà ni. Dáíkílórómẹ́táànì tó gbé káféènì ń lọ sínú fíláàsìkì, wọ́n á fi omi gbígbóná 50 °C gbé e hó, wọ́n á sì gba èyí tó bá kán jáde. Níbi yìí ni omi ẹ̀rọ wa ti fi wá sílẹ̀. Omi inú táǹkì orí òrùlé tí oòrùn ti pa lè gbóná tó 32 °C, ohun tó ń hó ní 40 °C kò sì lè tutù padà dáadáa nínú páìpù tí irú omi bẹ́ẹ̀ ń gbà kọjá. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń jáde bí èéfín, tí ẹni tó dúró tì í sì máa ń sọ pé orí ń fọ́ òun. Báàfù omi dídì pẹ̀lú páǹpù kékeré irú èyí tí wọ́n ń lò fún ẹja inú gíláàsì ló yanjú rẹ̀, a tún gbé fíláàsìkì tó ń gbà á sórí yìnyín. A kì í jẹ́ kí fíláàsìkì tó ń hó gbẹ tán. Bí ó bá ku bíi mílílítà mẹ́ta, a ó gbé e kúrò.

Ìṣirò kíláàsì kan lọ báyìí. Mílílítà 1,800 jáde ní sítọ̀. 1,150 padà wá láti inú fíláàsìkì, ó sì tún wúlò fún ìfàjáde àkọ́kọ́ nínú kíláàsì tó tẹ̀lé e. 250 wọ ìgò kejì. Omi tíì tó kù lẹ́yìn ìfàjáde jẹ́ bíi mílílítà 90 fún ọ̀wọ́ kan, lítà 2.7 lápapọ̀. Ojú kò rí dáíkílórómẹ́táànì kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n lítà omi kan lè yọ́ tó gíráàmù 13 sí 18 rẹ̀ mọ́ra, nítorí náà bíi mílílítà 30 ló fara pamọ́ síbẹ̀. Ìdí tí omi tíì kò fi gbọdọ̀ kan síńkì nìyẹn, ìdí tí ìgò kẹta sì fi wà. Lítà 2.7 ju ìgò kan lọ, ìgò méjì ni kíláàsì kan ń kún. Nígbà tí a wá dín omi ìsè kù sí mílílítà 60 tí a sì fún ewé náà gbẹ, ó di ìgò kan láìjẹ́ pé káféènì dín kù tó ohun tí ojú lè rí.

Àpapọ̀ ohun tó padà jẹ́ 1,430. Ó ku 370, tó jẹ́ bíi mílílítà 12 fún ọ̀wọ́ kan. Sódíọ̀mù sọ́lífétì tí wọ́n fi ń fa omi gbẹ mu díẹ̀ nínú rẹ̀, bébà ìsẹ́ mu díẹ̀, afẹ́fẹ́ gbé ìyókù. Bí àlàfo yìí bá ti ju 450 lọ, ẹnìkan ti ń da nǹkan sí síńkì, a ò sì ní láti máa ṣọ́ ẹnikẹ́ni kí a tó mọ̀. Ìwé ìṣirò yìí ju àkíyèsí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lọ. Sódíọ̀mù sọ́lífétì náà àti bébà ìsẹ́ kì í wọ gabéèjì: inú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò kan tí ó ní ọmọrí ni wọ́n ń lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹrù líle oníkílórínì.

Ohun tí ẹ̀dà kìíní kò rí: ìṣàn

Ní ẹ̀dà kìíní, ohun tí a kọ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi asẹtóònù ṣan ohun èlò rẹ̀, kí ó da ìṣàn náà sínú ìgò tó bá ohun tó wà nínú ohun èlò náà mu. Ó dà bí ẹni pé ó dára. Ó sì ń bá iṣẹ́ ewé tíì lọ, nítorí dáíkílórómẹ́táànì àti asẹtóònù kì í bá ara wọn jà ní ìgò. Kílórófọ́ọ̀mù ni ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Ní ọjọ́bọ̀, kíláàsì kan náà máa ń ṣe àyẹ̀wò kábíláámíìnì láti dá ámíìnì mọ̀: kílórófọ́ọ̀mù díẹ̀, pọ́táṣíọ̀mù háídírọ́sáìdì, ìyẹn pọ́táṣì, tí a yọ́ sínú ẹtanọ́ọ̀lù, àti ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò. Bí a bá mú un gbóná, òórùn burúkú kan á jáde. Àlòkù rẹ̀ nínú túùbù ní kílórófọ́ọ̀mù tó kù, ó sì tún kún fún pọ́táṣì. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dà kìíní ṣe sọ, ìgò kejì ló yẹ kí ó lọ. Lẹ́yìn náà akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi asẹtóònù ṣan túùbù, ìṣàn náà yóò tẹ̀lé e. Kílórófọ́ọ̀mù, asẹtóònù àti pọ́táṣì ti wà nínú ìgò kan náà báyìí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí máa ń jà: pọ́táṣì ló ń dá a sílẹ̀, kílórófọ́ọ̀mù á so mọ́ asẹtóònù di kílóróbútánọ́ọ̀lù, ooru tó sì ń tú jáde máa ń mú kí ìjà náà yára sí i. Kì í ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ló fi léwu. Ìgò lè dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, lẹ́yìn náà kí ó hó lójijì. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ ti bú ní láàbù púpọ̀ káàkiri ayé.

Àmì rẹ̀ ni pé ìgò gbóná ju ògiri lọ. Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ á mọ̀ ọ́n bí ó bá kàn án. Nígbà tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, a kì í dé e, a kì í gbé e. Kí wọ́n ti gíláàsì kọ́bọ́ọ̀dù afèéfín wálẹ̀, kí gbogbo èèyàn sì jáde.

Àtúnṣe kìíní ni pé kí pọ́táṣì kú kí ohunkóhun tó dé ìgò. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, inú kọ́bọ́ọ̀dù afèéfín ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kán ásíìdì hàídírókílórìkì fífẹ́lẹ́ sínú túùbù, ẹ̀kán kan lẹ́yìn èkejì, títí òórùn burúkú náà fi lọ. Ásíìdì ló ń ba ohun tó ń rùn náà jẹ́.

Àtúnṣe kejì kan ìṣàn. Ohun èlò tó bá gbé kílórófọ́ọ̀mù tàbí dáíkílórómẹ́táànì, ẹtanọ́ọ̀lù ni a fi ń ṣan án lákọ̀ọ́kọ́, mílílítà 5 lẹ́ẹ̀mejì, ìṣàn yìí sì ń lọ sí ìgò kejì. Kílórófọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tà fúnra rẹ̀ sábà máa ń ní ẹtanọ́ọ̀lù díẹ̀ nínú kó má bàa bàjẹ́, nítorí náà àwọn méjèèjì ti mọ ara wọn tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni asẹtóònù tó lè wá, tí ìṣàn tirẹ̀ sì ń lọ sí ìgò kìíní. Asẹtóònù kò gbọdọ̀ wọ ìgò kejì mọ́ láéláé. Èyí ni gbólóhùn kan ṣoṣo tí a fi péńtì pupa kọ sórí ìgò náà, nítorí bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, kó má gbàgbé èyí.

Nípa mílílítà 5: mílílítà 10 lẹ́ẹ̀mejì ni a kọ́kọ́ kọ. Ọ̀wọ́ 30 fi ìyẹn da mílílítà 600 sí ìgò tí àlòkù inú rẹ̀ gan-an jẹ́ 250. A ń fi owó sísun ẹrù oníkílórínì sun ẹtanọ́ọ̀lù. Mílílítà 5 ń ṣe iṣẹ́ kan náà bí wọ́n bá kọ́kọ́ jẹ́ kí ohun èlò kán tán fún bíi ìdajì ìṣẹ́jú.

Àtúnṣe tó bí àṣìṣe mìíràn

Ẹ̀dà kejì jáde, ìgò kejì kò gbóná mọ́. Ṣùgbọ́n túùbù kábíláámíìnì tí wọ́n ti fi ásíìdì sí ti di omi oníkílórínì báyìí, ibi tó sì yẹ kí ó lọ ni ìgò kẹta. Ta ló wà nínú ìgò kẹta láti ọjọ́ ajé? Omi tíì pẹ̀lú sódíọ̀mù kábónétì rẹ̀.

Bí ásíìdì bá bá kábónétì pàdé, gáàsì kábọ́ǹdáyọ́sáìdì ló ń jáde, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé ìwé girama ṣe mọ̀. Ohun tí kì í sábà wá sí ọkàn ni iye rẹ̀. Gíráàmù 5 sódíọ̀mù kábónétì, tí ọ̀wọ́ kan ṣoṣo lò, lè tú gáàsì tó lítà kan lé díẹ̀ sílẹ̀. Àyè òfìfo tó wà lókè ìgò wa jẹ́ ìdajì lítà. Lóòótọ́, ásíìdì inú túùbù mélòó kan kò tó láti tú gbogbo rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ọmọrí tí a dé pa kò nílò gbogbo rẹ̀. Àmì tí a fi mọ̀ ọ́n ni pé bí a bá ṣí ọmọrí, ó ń sín bí ìgò mínírà, fóòmù aláwọ̀ ilẹ̀ á sì gòkè wá, torí pé ohun inú ewé tíì máa ń hó bí ọṣẹ. Ìgò tó bá ti sín kò ṣeé dé pa mọ́. A tú ọmọrí rẹ̀ díẹ̀, a fi í sínú kọ́bọ́ọ̀dù afèéfín di ọjọ́ kejì.

Nítorí náà, ẹ̀dà kẹta sọ pé ohunkóhun tó bá jẹ́ omi gbọ́dọ̀ wà láàárín pH 6 sí 8 kí ó tó wọ ìgò kẹta, ìbáà wá láti ìhà ásíìdì, ìbáà wá láti ìhà pọ́táṣì. Omi tíì ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù. A kó ti gbogbo ọ̀wọ́ jọ sínú báàfù ẹlẹ́nu gbòòrò lítà 10 nínú kọ́bọ́ọ̀dù afèéfín, kì í ṣe nínú ìgò, a sì ń da ásíìdì fífẹ́lẹ́ sí i ní mílílítà 50-50, a ń rò ó pẹ̀lú ọ̀pá gíláàsì, a sì ń dúró kí fóòmù lọ sílẹ̀ kí a tó tún dà. Báàfù lítà 10 fún omi tí kò tó mẹ́ta lè dà bí àṣejù, àmọ́ fóòmù yẹn máa ń gòkè dé ìdajì rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú láìdé kí a tó dà á sí ìgò, kí gáàsì tó yọ́ sínú rẹ̀ lè jáde.

Kọ́bọ́ọ̀dù afèéfín kò sì wúlò nígbà tí iná ọba bá lọ. Ẹ̀dà kẹta fi gbólóhùn kan kún un: bí iná bá lọ, kí oníkálukú dé ohun tó wà níwájú rẹ̀, kí ó jáde sí kọ́rídọ̀, iṣẹ́ ìdàlù kò sì tún bẹ̀rẹ̀ títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi gbé fáànù náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ kò gùn. Ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ búlúù tó wọ́pọ̀ kì í dá dáíkílórómẹ́táànì dúró tó ìṣẹ́jú méjì, asẹtóònù náà ń gba inú rẹ̀ kọjá kíákíá. Ìdáàbòbò lọ́wọ́ ẹ̀kán ni, kì í ṣe lọ́wọ́ rírì bọ̀ ọ́. Bí ó bá ti tutù lọ́wọ́, kí a bọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, kí a fọ ọwọ́, kí a wọ òmíràn.

Kẹ́ẹ̀gì àtijọ́ àti ìgò tí kò lórúkọ

Kẹ́ẹ̀gì epo náà ṣì wà, pẹ̀lú bíi lítà 11 nínú rẹ̀, àti ìgò méje tí lébẹ́ẹ̀lì wọn ti bọ́. Kò síléeṣẹ́ ìpalẹ̀mọ́ tí yóò gba ohun tí kò lórúkọ. Àyẹ̀wò mẹ́ta ló tó láti fi wọ́n sí ìhà tó yẹ.

Àkọ́kọ́, pH. Èyí tó bá jẹ́ ásíìdì líle tàbí pọ́táṣì líle, a yà á sọ́tọ̀, a kò fi dán nǹkan míì wò. Lẹ́yìn náà, mílílítà kan nínú túùbù pẹ̀lú mílílítà omi kan. Bí wọ́n bá dàpọ̀ di ọ̀kan, asẹtóònù tàbí ẹtanọ́ọ̀lù ló ṣeé ṣe kí ó jẹ́. Bí ó bá léfòó, hẹ́kísénì tàbí ẹ́táílì ásítétì. Bí ó bá rì, oníkílórínì ni a máa fura sí. Ojú lásán kò tó níbí, nítorí hẹ́kísénì tí dáíkílórómẹ́táànì díẹ̀ wà nínú rẹ̀ yóò ṣì léfòó.

Àyẹ̀wò kẹta ni ti Bẹ́ílísitáìnì, okùn wáyà kọ́pà tó nípọn bí èyí tí wọ́n fi ń ṣe wáyà ilé. Kí a ká orí rẹ̀ bí ìgbín, kí a fi í sínú iná búnsẹ̀n títí iná náà kò fi ní àwọ̀ ewé mọ́. Kí ó tutù. Kí a wá tọ́ ẹ̀kán kan sí i lórí tábìlì mìíràn, jìnnà sí ìgò náà, kí a sì gbé e padà sínú iná nínú kọ́bọ́ọ̀dù afèéfín. Iná aláwọ̀ ewé tó mọ́ kedere túmọ̀ sí pé kílórínì tàbí ẹbí rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ń mú ìwọ̀n kékeré gan-an, débi pé wáyà tí ọwọ́ onílàágùn kàn lè tan ewé nítorí iyọ̀ ara, torí náà a kì í fọwọ́ kan orí rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti fi iná wẹ̀ ẹ́. Àwọn ohun kan tó ní náítírójìn nínú náà lè mú iná tan ewé láìní kílórínì, ṣùgbọ́n àṣìṣe ti ìhà ìṣọ́ra nìyẹn, owó nìkan ló ń náni.

Ìgò márùn-ún nínú méje kò tan ewé, wọ́n sì lọ sí ìhà ìgò kìíní. Kẹ́ẹ̀gì tan ewé, gẹ́gẹ́ bí a ṣe rò. Kí a tó da èyíkéyìí pọ̀ mọ́ òmíràn, mílílítà 10 láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a kọ́kọ́ dà pọ̀ nínú bíkà pẹ̀lú tẹmómítà, tí a sì ṣọ́ ọ fún ìdajì wákàtí. Bí ó bá fi dígírì méjì péré gòkè, tàbí tó hó, tàbí tó yí àwọ̀ padà, ọ̀tọ̀ ni a fi wọ́n sí.

Ìpalẹ̀mọ́

Ìgò kìíní ni a lè dín kù nínú láàbù fúnra rẹ̀. Ìṣàn asẹtóònù ọ̀wọ́ 30, bíi mílílítà 25 fún ọ̀wọ́ kan, jẹ́ 750, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ jù, yàtọ̀ sí asẹtóònù, ni omi. Asẹtóònù ń hó ní 56 °C, kò sì so pọ̀ mọ́ omi bí ẹtanọ́ọ̀lù ṣe ń so, nítorí náà èyí tó bá kán jáde láàárín 55 sí 58 °C lórí omi gbígbóná, tí kò sí iná kankan nítòsí, dára tó láti tún fi ṣan ohun èlò. A ń dúró nígbà tí ìdá kan nínú márùn-ún bá ṣì wà nínú fíláàsìkì. Kí iṣẹ́ yìí lè ṣeé ṣe, ìṣàn asẹtóònù gbọ́dọ̀ ní ìgò tirẹ̀, ìyẹn ni pé ìgò kìíní ti di méjì: asẹtóònù lọ́tọ̀, hẹ́kísénì àti ẹ́táílì ásítétì lọ́tọ̀.

Ìgò kejì àti ìkẹta kò ní ọ̀nà mìíràn ju pé kí wọ́n jáde. A kì í sun wọ́n ní ẹ̀yìn láàbù. Iná ihò kò gbóná tó, kílórófọ́ọ̀mù àti dáíkílórómẹ́táànì tí kò jóná tán sì lè mú gáàsì fọ́sijíìnì jáde. Fífi ìgò sílẹ̀ ní ṣíṣí kí afẹ́fẹ́ lè gbé e lọ náà kì í ṣe ìpalẹ̀mọ́. Agbaṣẹ́ṣe tó bá fẹ́ kó o gbọ́dọ̀ fi ìwé àṣẹ NESREA, àjọ àyíká ti ìjọba àpapọ̀, hàn, kí ó sì fi ti àjọ àyíká ìpínlẹ̀ hàn níbi tí ìpínlẹ̀ bá béèrè rẹ̀. Láti ọdún 1988, lẹ́yìn tí wọ́n da ẹrù olóró ilẹ̀ òkèèrè sí ìlú Kókò, ni òfin ti sọ gbígbé ẹrù tó lè pani lára àti dídà á sílẹ̀ láìgbàṣẹ di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. Ẹni tó fi ẹrù lé awakọ̀ tí kò níwèé lọ́wọ́ kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun.

Ìwé tó ń bá ẹrù lọ ń béèrè ohun mẹ́rin: orúkọ ohun inú ìgò, ìpín ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún, pH, àti bóyá omi wà níbẹ̀. Káàdì ọrùn ìgò ló ń dáhùn. Ìgò kejì lẹ́yìn kíláàsì ewé tíì kan ní dáíkílórómẹ́táànì 250 àti ẹtanọ́ọ̀lù 300, lápapọ̀ 550, ìyẹn ni 45 àti 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí wọ́n máa ń kọ̀ jù ni ìgò tí ohun inú rẹ̀ ti yapa sí ìpele méjì nígbà tí ìwé sọ pé ọ̀kan ni, nítorí náà a máa ń gbé ìgò kọ̀ọ̀kan wò lójú ìmọ́lẹ̀ kí a tó kọ ìwé. Bí omi bá wà lórí rẹ̀, àrọ ìyàsọ́tọ̀ ni a fi ń yà á, omi náà á sì padà sí ìgò kẹta.

A ń kó wọn jáde lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, ìgò mẹ́rin-mẹ́rin nínú páálí wọn, ẹnu sókè, ìyangbò gbígbẹ láàárín wọn.  A máa ń gba ẹ̀dà ìwé kan lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe ní ọjọ́ tó kó o, a sì ń retí ìwé ẹ̀rí sísun lẹ́yìn ìyẹn. Ìwé méjèèjì àti káàdì ọrùn ìgò ni a ń fi pínnì kan so pọ̀ sínú fáìlì.

Ohun tó kù láti ṣe ní ẹ̀dà kẹrin: kílórófọ́ọ̀mù ọjọ́bọ̀. Ẹ̀kán mẹ́ta ni túùbù kan nílò, ṣùgbọ́n ìgò kékeré tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì kọ̀ọ̀kan ń gba mílílítà 50, èyí tó bá sì ṣẹ́kù kì í padà sínú ìgò ńlá. Ìgò olómi-ẹ̀kán mílílítà 10 kan fún tábìlì mẹ́ta ti wà ní ìbéèrè ní sítọ̀.